Ẹ Ka Ọjà Yín Kí Ẹ Tó Yọ Sàká

Orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sí ní ọjà Gbági n'Íbàdàn, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ààwẹ̀ Ramadáànì bẹ̀rẹ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn dé ìdajì kí àwọn oníbàárà má baà máa wọlé. Ó ń ju ìdì ànkárá sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń gbà á, mo sì ń fi bíírò fa ìlà sínú ìwé: ìlà mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún á kọjá lórí wọn. Nígbà tí a kà á dé igba, ó mí kanlẹ̀.

"Àbúrò mi, láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń tajà níbí, mi ò tíì ka ọjà mi tán lẹ́ẹ̀kan rí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, sàká tí ẹ máa ń sọ pé ẹ ń yọ lọ́dọọdún ńkọ́?"

Ó ní àpò ìrẹsì márùn-ún ni òun máa ń pín ládùúgbò nínú ààwẹ̀, òun á sì fi nǹkan sínú àpòòwé fún àáfà. Ọdún tí ọjà bá dáa, ó lè di àpò méje.

Oore gidi nìyẹn, àwọn tó ń jẹ ìrẹsì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sàráà ni. Sàráà ni ohun tí ènìyàn fi ṣàánú nígbà tó wù ú, ní iye tó wù ú, fún ẹni tó wù ú. Sàká kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni òpó kẹta nínú òpó márùn-ún ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó ní iye tí owó gbọ́dọ̀ pé kó tó di dandan, ó ní ọjọ́ tí í pé, ó ní ìwọ̀n tí à ń yọ, ó sì ní àwọn tó tọ́ sí. Nígbà tí Ànábì Mùhámmádù, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 632, tí àwọn ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá ní àwọn á máa kírun ṣùgbọ́n àwọn ò ní san sàká mọ́, Àbúbákárì tó gba ipò gbógun tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń bá ènìyàn jagun nítorí pé kò fi ìrẹsì tọrẹ. Ohun tí Àbúbákárì rí ni pé ẹ̀tọ́ tálákà wà nínú owó wọn, wọ́n sì jókòó lé e lórí.

Ẹ̀tọ́ tálákà yìí la wá wá nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kà á ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ iye ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ iye rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn wò ni bóyá sàká kàn án rárá. Mùsùlùmí ni yóò jẹ́, ohun ìní náà á jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, á pé iye kan tí àwọn àáfà ń pè ní nísáàbù, ọdún òṣùpá kan á sì yí lé e lórí. Ọ̀dọ̀ Ànábì ni iye náà ti wá: ogún dínárì wúrà, tàbí igba díríhámù fàdákà. Dínárì kan wọn gíráàmù 4.25, nítorí náà ogún dínárì jẹ́ gíráàmù 85. Díríhámù kan wọn gíráàmù 2.975, igba rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 595. Láyé ìgbà yẹn, díríhámù mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣẹ́ dínárì kan sí, torí náà nísáàbù wúrà àti ti fàdákà kò yàtọ̀ síra.

Ṣùgbọ́n fàdákà ti já wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Ká ní gíráàmù wúrà kan ń lọ ní ₦200,000 lọ́jọ́ tí a ń ṣírò, nísáàbù wúrà á jẹ́ ₦17,000,000. Ká ní gíráàmù fàdákà kan ń lọ ní ₦2,500, nísáàbù fàdákà á jẹ́ ₦1,487,500. (Mo fi iye wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ ni o. Iye ọjọ́ tí ọdún yín pé ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà tàbí kí ẹ wò lórí fóònù.) Obìnrin tó ń ta ohun èlò ọbẹ̀, tí gbogbo ọjà àti owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, sàká kàn án bí a bá fi fàdákà wọ̀n ọ́n, kò sì kàn án bí a bá fi wúrà wọ̀n ọ́n. Àwọn àáfà tó mú fàdákà ní òun ló ṣàǹfààní jù fún tálákà, torí àwọn tí yóò san á pọ̀ sí i. Àwọn tó mú wúrà ní kò yẹ kí a gba sàká lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí òun náà tọ́ sí i. Ọkàn tèmi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mú wúrà. Nígbà tí Ànábì rán Muádhì lọ sí Yámánì, ohun tó ní kó sọ fún wọn ni pé ọ̀dọ̀ àwọn olówó wọn ni a ó ti gbà á, tí a ó fi dá a padà fún àwọn tálákà wọn. Ẹni tó ní ọjà mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lónìí, tí owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta ń bọ̀ lọ́nà, kò jọ olówó lójú mi. Ẹni tó bá fi fàdákà wọn tirẹ̀ kò ṣẹ̀, èrè rẹ̀ á sì pọ̀.

Ọdún tí à ń wí yìí, òṣùpá ni a fi ń kà á, ọjọ́ 354. Ẹni tó bá ń fi January sí December yọ sàká, ọjọ́ mọ́kànlá ló ń fi falẹ̀ lọ́dọọdún, tó bá sì fi di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, odindi sàká ọdún kan ti bọ́ lọ́wọ́ tálákà. Ọjọ́ tí owó ènìyàn kọ́kọ́ pé nísáàbù ni ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò rántí ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò sì lè rántí. Ọjọ́ kìíní Ramadáànì ló mú, kò sì gbọdọ̀ máa yí i kiri mọ́ láti ìsinsìnyí lọ.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Léèsì kan wà tó kó dé láti Èkó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. "Èyí kò tíì lo ọdún lọ́wọ́ mi. Ṣé a óò kà á?" A óò kà á. Kì í ṣe aṣọ ni ọdún ń yí lé lórí bí kò ṣe owó òwò. Aṣọ ń lọ, aṣọ ń bọ̀, owó kan náà ló ń wọ inú wọn bọ́ sí òmíràn. Èrè tó jẹ lórí rẹ̀ náà, ọdún ìyá owó ló ń tẹ̀ lé. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, oníṣòwò tó ń tajà dáadáa kò ní san sàká láéláé, torí kò sí ọjà tó máa ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ọdún kan.

Ọjọ́ kejì la ka ọjà tán. Ànkárá tó ń lọ lọ́jà jẹ́ ìdì 900, yáàdì mẹ́fà mẹ́fà. Léèsì jẹ́ ìdì 160. Ànkárá tí àwọn oníbàárà ò wò mọ́, tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní "òkú ọjà", jẹ́ 80.

Iye wo la fẹ́ fi lé e lórí? Iye tó rà á ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń pè fún mi, torí ìyẹn ló wà nínú ìwé rẹ̀: ànkárá ₦7,500, léèsì ₦29,000. Mo ní rárá. Iye tí ọjà ń pè é lọ́jọ́ tí ọdún pé ni a fi ń ṣírò, yálà ó ju iye tí a rà á lọ tàbí kò tó o. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ànkárá náà ti di ₦10,000, léèsì ti di ₦35,000. Òkú ọjà náà, tí ó rà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa fún un ju ₦4,000 lọ, ₦4,000 náà la sì kọ. Ànkárá jẹ́ ₦9,000,000, léèsì jẹ́ ₦5,600,000, òkú ọjà jẹ́ ₦320,000. Àpapọ̀ ọjà jẹ́ ₦14,920,000.

Lẹ́yìn náà ni owó. ₦3,180,000 wà ní báǹkì, ₦240,000 wà nínú àpótí lábẹ́ káńtà. Ó tún ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin mọ́kànlá míì, ₦100,000 lóṣù. Ó ti dá a fún oṣù mẹ́wàá, kò sì tíì kan òun láti kó o. Ó rò pé owó tí kò sí lọ́wọ́ òun kò kan òun. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni ₦1,000,000 náà, ọwọ́ àwọn ẹni tó fọkàn tán ló wà, torí náà a kà á. Ká ní ó ti kó àjọ tirẹ̀ ní oṣù kejì ni, iye tó kù tí yóò máa dá ni a óò kà sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwìn ló gba àkókò jù. Ìwé àwìn rẹ̀ nípọn, àwọn orúkọ kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,600,000. Mo ní kó máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó sì sọ fún mi bóyá onítọ̀hún máa san án. Àwọn tó mọ ilé wọn, tí wọ́n ń mú díẹ̀díẹ̀ wá, jẹ́ ₦1,900,000. Àwọn tó kù, tí nọ́ńbà fóònù wọn kò lọ mọ́, jẹ́ ₦700,000. Èyí tí ìrètí wà nínú rẹ̀ nìkan la kà. Bí èyí tí ìrètí ti pin nínú rẹ̀ bá padà wá lọ́jọ́ kan, nígbà náà ni yóò yọ sàká ọdún kan ṣoṣo lórí rẹ̀.

Ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Ṣé mi ò lè kúkú sọ pé mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin yẹn ṣe sàká fún wọn? Tálákà ni púpọ̀ nínú wọn."

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àáfà ní kò ṣeé ṣe. Sàká jẹ́ ohun tí à ń mú jáde kúrò lọ́wọ́ ẹni bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Gbèsè tó ti kú kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tí yóò fi mú un jáde. Ó lè dárí rẹ̀ jì wọ́n, sàráà ńlá ni, kò sì di sàká.

Ó ku gbèsè tí òun náà jẹ. Ọ̀gá tó ń kó aṣọ fún un ní Balógun l'Ékòó ń retí ₦1,640,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ sísan rẹ̀ sì ti pé. A yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó wà nínú ìwé wá di báyìí: ọjà ₦14,920,000, owó báǹkì àti ti àpótí ₦3,420,000, àjọ ₦1,000,000, àwìn tó dájú ₦1,900,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦21,240,000. Bí a bá yọ gbèsè, ó ku ₦19,600,000.

A kò ka ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, a kò ka pákó tí aṣọ wà lórí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ tó fi ń kó ẹrù, tàbí ilé tó ń gbé. Ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ tàbí tí à ń lò kò ní sàká. Ó ní yàrá méjì tó fi háyà lẹ́yìn ilé. A kò ka iye ilé náà, owó háyà tó kù sí báǹkì ti wà nínú ohun tí a kà tẹ́lẹ̀. Ní ti ẹ̀gbà ọrùn wúrà tó máa ń wọ̀ lọ sóde, másíhábì Málíkì, tí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, kò gba sàká lórí wúrà tí obìnrin fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Másíhábì Hánáfì gbà á. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ra wúrà pa mọ́ torí pé náírà ń jò, owó ló pa mọ́, yóò kà á.

₦19,600,000 ti ju nísáàbù wúrà lọ. Ó kù ká pín in sí ọ̀nà ogójì ká mú ìdá kan, èyí tí í ṣe náírà méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ lórí fóònù: ₦490,000. Ó wò ó títí. Ó tún un tẹ̀.

Mo fi ohun kan hàn án nínú ìwé náà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọlọ́jà wò dáadáa. Ká ní a ti fi iye tó ra ànkárá tó ń lọ lọ́jà àti léèsì ṣírò bó ṣe fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ànkárá á dín ní ₦2,250,000, léèsì á dín ní ₦960,000. Gbogbo rẹ̀ á di ₦16,390,000, kò ní pé nísáàbù wúrà, à bá sì dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ pé sàká kò kàn án lọ́dún yìí. Kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé tó fi iye àtijọ́ sí ló máa gba ₦490,000 lọ́wọ́ tálákà.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ẹni tó ń rà tó ń tà lójoojúmọ́. Ẹni tó ra pọ́lọ́ọ̀tì ilẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, tó ń retí kí ìlú dé ọ̀hún kó tó tà á, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ nínú másíhábì Málíkì: ọjọ́ tó bá tà á ni yóò yọ sàká ọdún kan lórí owó náà, bó tilẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn másíhábì tó kù ní kó máa díye lé e lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí ènìyàn fẹ́ kọ́lé tí yóò gbé sí kò ní sàká rárá. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, ohun tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọdún rẹ̀ pé ni yóò wò, kì í ṣe gbogbo ohun tó gbà tó sì ti jẹ. Àgbẹ̀ kì í dúró de ọdún. Ọjọ́ ìkórè ni tirẹ̀: bí àgbàdo tàbí ìrẹsì rẹ̀ bá tó nǹkan bíi kílò 653, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni yóò yọ bó bá jẹ́ omi òjò ló mu, ìdá kan nínú ogún bó bá jẹ́ pé ó fi ìnáwó fa omi sí i. Kòkó kò sí lára ohun tí másíhábì Málíkì ní kí a yọ ìdá mẹ́wàá lórí rẹ̀, torí kì í ṣe oúnjẹ tí ìlú fi ń gbé ara. Owó tí àgbẹ̀ bá tà á sí, bó bá pé nísáàbù tí ọdún sì yí lé e, ni sàká wà lórí rẹ̀. Àwọn àáfà òde òní kan ò fara mọ́ ìyẹn, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn yé, torí kòkó ló sọ púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wa di ọlọ́rọ̀.

Jákà tí à ń fi múdù Ànábì mẹ́rin wọ̀n fún orí kọ̀ọ̀kan kí a tó kírun Ìtúnu Ààwẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tọmọdé tàgbà ilé ni à ń yọ ọ́ fún, ẹni tí kò ní nísáàbù náà ń yọ ọ́. Ẹni tó ti yọ jákà kò tíì yọ sàká owó rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ẹni tí a óò fún, ẹ̀gbọ́n mi ti ní orúkọ lẹ́nu. Màmá wa ló kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà mọ́sálásí tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò. Méjèèjì kò ṣeé ṣe. Ẹsẹ̀ 60 nínú Súrà Táóbà ti ka irú ènìyàn mẹ́jọ tó tọ́ sí sàká: tálákà, aláìní, àwọn tó ń gbà á jọ, àwọn tí à ń fà lọ́kàn mọ́ra sí ẹ̀sìn, ẹrú tí à ń rà sílẹ̀, ajigbèsè, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, àti arìnrìn-àjò tí owó tán mọ́ lọ́wọ́. Ìyá kò sí níbẹ̀, torí ọ̀ràn-anyàn ni kí ọmọ bọ́ ìyá tí kò ní. Bó bá fi sàká bọ́ ọ, gbèsè ara rẹ̀ ló fi owó tálákà san. Ọmọ ẹni náà wà bẹ́ẹ̀. Mọ́sálásí kì í ṣe ènìyàn tí yóò gba owó sọ́wọ́, ọ̀pọ̀ àáfà láti ọjọ́ pípẹ́ sì ti ní a kì í fi sàká kọ́ ọ. Sàráà ni ká fi kọ́ mọ́sálásí. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí mọ̀lẹ́bí tó kù díẹ̀ káàtó fún, tí bíbọ́ wọn kò sí lọ́rùn wa, ni a lè fún, ó sì dára ju fífún àjèjì lọ.

Ó ronú sí i. Ó mú ₦200,000 fún opó kan tó ń ránṣọ ní ẹ̀yìn ọjà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà Iléyá. Ó mú ₦150,000 fún ọmọ àbúrò bàbá wa tó jẹ gbèsè nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. ₦140,000 tó kù lọ sọ́dọ̀ àgbà méje, ₦20,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó fi owó ránṣẹ́, mo rán an létí àníyàn: kó ní in lọ́kàn pé sàká ni èyí. Kò pọn dandan kó sọ fún ẹni tó ń gbà á, ẹlòmíràn á tijú. Àmọ́ owó tó ti jáde láìsí àníyàn sàká lọ́kàn kò ṣeé pè padà ní sàká.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí fóònù.

"Àwọn ìrẹsì ọjọ́ yẹn ńkọ́? Mo sáà ń pè wọ́n ní sàká."

Mo ní àníyàn wà níbẹ̀, n kò sọ pé ó ṣòfò. Tálákà tó gba ìrẹsì náà gba nǹkan. Másíhábì Málíkì tilẹ̀ ń fẹ́ kí sàká owó jẹ́ owó, ṣùgbọ́n àwọn àáfà tó gba ohun tó bá a dọ́gba wà. Ẹ jẹ́ ká kà á fún yín. Kí àpò ìrẹsì márùn-ún tó ìdá kan nínú ogójì ọjà tó kún ṣọ́ọ̀bù dé òrùlé ni mi ò rí. Ohun tó kù jẹ́ gbèsè. Ọdún tó kọjá lọ kì í pa sàká rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa gbèsè ọ̀gá yín ti Balógun rẹ́. Ẹ ó fojú díwọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan bó ti mọ, ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀.

Kò dá mi lóhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde, ó gun àpótí, ó sì gbé ìwé títà ọdún tó kọjá sọ̀ kalẹ̀ láti orí pákó òkè, eruku sì gbà wá lójú. Ó fi ìdí ọwọ́ nù ú, ó gbé e sí iwájú mi, ó ní kí n ṣí ojú ewé tuntun.

"Kọ oṣù ààwẹ̀ èṣí sókè. Ànkárá ò tíì wọ́n tó báyìí nígbà yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni."